Oògùn wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ àti oorun alẹ́

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹnì kan gba amọ́síìlì nílé oògùn, wọ́n kọ "1 × 3" sí ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀. Ó délé, ó lo ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ní aago mẹ́jọ, ó lo èkejì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ní aago kan, ó sì lo ẹ̀kẹta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ní aago méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lò ó, kò fo ìkankan. Àmọ́ ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn. Láti àárọ̀ sí ọ̀sán, wákàtí márùn-ún. Láti ọ̀sán sí alẹ́, wákàtí mẹ́fà. Láti alẹ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́tàlá.

Wákàtí mẹ́tàlá yẹn ló ń kó ìdààmú bá mi. Apòògùn ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ń rí àwọn tó máa ń bú oògùn pé kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á tún fi Ọlọ́run búra pé àwọn ò fo ẹyọ kan. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọn ò fò ó. Ibi tí wọ́n tò ó sí láàárín ọ̀sán àti òru ni ọ̀rọ̀ wà.

Bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tí amọ́síìlì ń bá jà, ní ògiri lára. Bó bá fẹ́ dàgbà kó sì pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ máa mọ ògiri yẹn kún. Amọ́síìlì ló ń dá iṣẹ́ mímọ yẹn dúró. Ògiri tí kò parí á bẹ́, kòkòrò á sì kú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oògùn bá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Amọ́síìlì kì í sì í pẹ́ lára rárá. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, bíi wákàtí kan péré ni ìdajì oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìtọ̀ lọ. Wákàtí kejì á gbé ìdajì èyí tó kù lọ, ẹ̀kẹta á gbé ìdajì ìyẹn náà lọ. Kí wákàtí mẹ́jọ tó pé, ohun tó kù ti kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ pé kí òmíràn wọlé ní wákàtí kẹjọ.

Àwọn kan máa ń rò pé bí àlàfo òru bá gùn, kí àwọn kúkú gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọn tó sùn, kó lè dúró di àárọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo èyí dáadáa, torí ó dà bí ọgbọ́n. Ká sọ pé kápúsù kan ń jẹ́ kí oògùn pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ bá lo méjì, ẹ ti sọ oògùn di ìlọ́po méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan ló ń fi í já sí ìdajì. Lẹ́yìn wákàtí kan yẹn, ẹ ti padà síbi tí ẹni tó lo ẹyọ kan wà. Bíi wákàtí kan péré ni kápúsù kejì fi kún àsìkò náà. Kò lè di wákàtí méjìlá láéláé. Ohun tó máa fi kún un gan-an ni inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru.

Ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni pé wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ túmọ̀ sí pé a ó máa jí lóru. Rárá o. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ọjọ́ kan, ó pín sí mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, oorun alẹ́ sì lè gba odindi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá gbé e mì ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó sùn, tó jí ní aago mẹ́fà, wákàtí mẹ́jọ rẹ̀ ti pé lórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó kù á bọ́ sí aago méjì ọ̀sán. Oúnjẹ kọ́ ni ẹ máa fi so ó, oorun ni. Èyí tó ṣáájú oorun àti èyí tó tẹ̀ lé oorun ni òpó méjì tí ẹ kọ́kọ́ rì, ẹ wá wá ibi tí ti ọ̀sán máa bọ́ sí. Amọ́síìlì ò bèèrè oúnjẹ, ikùn òfìfo ò dí i lọ́wọ́.

Ìyá Òkè-Ajé ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, gàárì ni wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Ajé níbí, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Eyín wọn kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn ṣe ọyún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Dókítà eyín yọ ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ó sì kọ oògùn méjì: amọ́síìlì míligíráàmù 500 àti fílájíìlì míligíráàmù 400, méjèèjì ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ fún ọjọ́ márùn-ún. Kápúsù amọ́síìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Fílájíìlì tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti míligíráàmù 200, nítorí náà hóró méjì-méjì ni wọ́n máa lò, ọgbọ̀n lápapọ̀. (Ẹ máa ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì fílájíìlì o. Ọ̀kan-ọ̀kan ni ẹni tó gba ti 400 máa lò, ẹni tó bá sì ń lo ọ̀kan-ọ̀kan nínú ti 200 ń lo ààbọ̀ ohun tí dókítà kọ.) Mo ti bi wọ́n léèrè bóyá pẹnisílíìnì ti bá ara wọn jà rí, bóyá wọ́n ní àrùn kíndìnrín, àti bóyá wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n ní kò sí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣì kú. Wọ́n ní kí àwọn kúkú bẹ̀rẹ̀ lọ́la ní àárọ̀, kó lè gún régé. Mo ní rárá, oògùn ọyún kì í dúró de ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ mì lójú mi pẹ̀lú omi inú ọ̀rá.

Ìṣirò tó tẹ̀ lé e ló máa ń da ọ̀pọ̀ ilé rú. Bí a bá ka wákàtí mẹ́jọ láti aago mẹ́rin ààbọ̀, ó di aago méjìlá ààbọ̀ òru, lẹ́yìn náà aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, lẹ́yìn náà aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹni àádọ́rin ọdún á wá máa jí ní ọ̀gànjọ́ fún odidi ọjọ́ márùn-ún? Wọ́n lè ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bóyá ní ti ọjọ́ kejì pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, oorun á gbé wọn lọ.

Mo bi wọ́n pé, "Mọ̀mí, aago mélòó lẹ máa ń jí?"

"Kí ladáánì tó pe Sùbúù ni mo ti máa ń ṣe àlùwàlá. Aago márùn-ún."

"Ìgbà wo lẹ máa ń sùn?"

"Mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ìròyìn aago mẹ́sàn-án ná. Bí mo bá ti gbọ́ orí ìròyìn, ó parí, oorun dé."

Aago márùn-ún ìdájí, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ kà á: wákàtí mẹ́jọ géérégé ni oorun wọn. Ti ọ̀sán á bọ́ sí aago kan, ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti kí Àyìlà lẹ́yìn ìsọ̀. Mi ò fi ohun tuntun kankan kún ọjọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo so oògùn mọ́.

Bí a ṣe máa kúrò ní aago mẹ́rin ààbọ̀ bọ́ sórí aago mẹ́sàn-án ló kù. Ọ̀nà méjì ló wà: kí a fa àlàfo gùn, tàbí kí a gé e kúrú. Bí wọ́n bá dúró di aago márùn-ún ìdájí, wákàtí méjìlá ààbọ̀ nìyẹn, lẹ́yìn kápúsù kan ṣoṣo, nígbà tí kòkòrò ṣì pọ̀ jù lọ. Gígé e kúrú ló dáa. Wọ́n lo èkejì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì bọ́ sójú ọ̀nà láti ìdájí Ọjọ́bọ̀. Amọ́síìlì àti fílájíìlì gba irú èyí lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò ní àbùkù, níwọ̀n ìgbà tí àlàfo náà kò bá kéré sí bíi wákàtí mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló gbà á o. Ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá, oògùn ọkàn tàbí oògùn ara ríro tó lágbára kò gbọdọ̀ gé àlàfo kankan kúrú láìbi apòògùn tó mọ orúkọ oògùn náà.

Fílájíìlì fúnra rẹ̀ kì í yára lọ bíi ti amọ́síìlì; bíi wákàtí mẹ́jọ ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Bí òun nìkan bá yẹ̀ díẹ̀, kì í dun ìwòsàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lọ pọ̀, èyí tó ń tètè tán ni kí a fi aago rẹ̀ ṣe aago méjèèjì. Fílájíìlì tún máa ń rin inú bí kò bá bá nǹkan kan nínú ikùn, nítorí náà Ìyá Òkè-Ajé ń fi ẹ̀kọ tútù díẹ̀ ṣáájú ti ìdájí. Wọ́n ní ẹnu àwọn ń ṣe bí ẹni tó lá irin. Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa lọ bí oògùn bá tán. Ẹni tó bá ń mu àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, kó gbé e tì títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, torí fílájíìlì àti ọtí lè mú kí èèyàn bì, kí ara rẹ̀ gbóná, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aláàmù. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ fi fóònù ṣe é. Ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà tí NẸPA bá ti gbé iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, fóònù ńlá tó kú lóru kò ní jí ẹnikẹ́ni. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni mo ní kí wọ́n fi ṣe é, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń gbé ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí oògùn náà fúnra rẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Mo lẹ pílásítà funfun mọ́ ẹ̀yìn káàdì amọ́síìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, torí bíró máa ń fa bébà fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ya bí èèyàn bá kọ ọ́ sí i tààrà. Lórí pílásítà náà ni mo kọ ọjọ́ àti aago sí: Rú 4:30, Rú 9, Bọ̀ 5, Bọ̀ 1, Bọ̀ 9, Ẹtì 5, títí ó fi dé Ajé 5. Káàdì kan jẹ́ mẹ́wàá, a gé márùn-ún kún un. Ihò tó bá ti ṣófo, oògùn rẹ̀ ti wọnú. Ihò tó bá ṣì kún nígbà tí aago rẹ̀ ti kọjá, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èyí ló ń yanjú ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn "ṣé mo ti lò ó ni àbí mi ò tíì lò ó?" Ẹni tí oorun ń kùn ní aago mẹ́sàn-án kò lè fi ọpọlọ rántí. Ẹni tí kò kọ nǹkan sí káàdì ṣì lè kà á. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀. Ti alẹ́ Àbámẹ́ta ni ìkọkànlá. Bí márùn-ún bá kù lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án yẹn, wọn ò tíì lò ó. Bí mẹ́rin bá kù, ó ti wọlé, kí wọ́n sùn.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fẹ́ yíwọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, Àbámẹ́ta Ìjẹ̀bú kì í ṣe ọjọ́ lásán. Ìnáwó wà ní Odógbolú, aṣọ ẹbí wà, gèlè wà. Báàgì ọjà, níbi tí oògùn ń gbé, kò bá aṣọ náà mu, wọ́n gbé báàgì mìíràn. Oògùn ọ̀sán dúró sílé. Ó ti kọjá aago mẹ́ta dáadáa nígbà tí wọ́n pè mí, ìlù ń dún lẹ́yìn wọn, wọ́n ń pariwo pé, "Ọmọ mi, ti aago kan ò sí lọ́wọ́ mi o! Ṣé kí n para pọ̀ mọ́ ti alẹ́?"

Mo ní kí wọ́n má pa á pọ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa délé. Wọ́n ní bí mọ́tò bá yá, aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ wo bí mo ṣe rò ó. Láti aago márùn-ún ìdájí sí aago mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́ wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀, àlàfo ti gùn jù, kí òmíràn tètè wọlé ló dáa. Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ sí aago mẹ́sàn-án jẹ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ó ju mẹ́rin lọ, kò sún mọ́ ara jù. Nítorí náà, kí wọ́n lo ti aago kan bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, ti aago mẹ́sàn-án á dúró láyè rẹ̀, kò sí ohun tó yí padà ní ìdájí ọjọ́ Àìkú. Aago náà kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé ìpẹ́lẹ́yìn wọn kiri.

Ká ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n délé ńkọ́? Wákàtí kan ààbọ̀ péré ló kù kí ti alẹ́ tó pé. Mi ò ní ní kí wọ́n lo kápúsù méjì láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Màá ní kí wọ́n fi ti ọ̀sán sílẹ̀, kí wọ́n lo ọ̀kan ní aago mẹ́sàn-án, kí ẹyọ tó ṣẹ́ kù sì bọ́ sẹ́yìn ti ìkẹyìn, ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ibi tí mo ń fi ààlà sí fún amọ́síìlì ni wákàtí mẹ́rin yẹn. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí gbogbo ìlú bá ti dà sígboro, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n máa ń pè mí sí, aago ọ̀sán yìí kan náà ló sì máa ń jẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gé oògùn ọ̀sán ẹyọ kan sínú ọ̀rá kékeré fún àwọn oníbàárà mi, kó máa gbé inú báàgì kejì tàbí àpò agbádá.

Ara Ìyá Òkè-Ajé ti ń balẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń lọ, wọ́n ti ń ya ẹnu dáadáa. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ nìyẹn. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí wíwú ò lọ sílẹ̀, bó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn tàbí ó gòkè sí ojú, bí ẹnu ò bá ṣeé yà mọ́, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, bí aago oògùn tiẹ̀ pé pérépéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ara bá sú, tí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí èèmí bá ń há: kí wọ́n má lo ẹyọ mìíràn, kí wọ́n sáré lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan bi mí pé, ṣé kò wá sí oògùn tó yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ jí lóru ni? Ó wà, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé: oògùn ibà alátẹ́mẹ́tà àti lumẹfantíríìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní Kóátẹ́mù tàbí Lónáàtì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àgbàlagbà máa ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nínú káàdì oníhóró mẹ́rìnlélógún, mẹ́rin-mẹ́rin ni. Èkejì rẹ̀ ló jẹ́ ti wákàtí kẹjọ, ẹ̀kẹta bọ́ sí wákàtí kẹrìnlélógún láti ti àkọ́kọ́, èyí tó kù sì ń tẹ̀ lé ara wọn ní wákàtí méjìlá-méjìlá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́ta òru ni èkejì rẹ̀. Ẹ̀kẹta di aago méje alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà aago méje àárọ̀ àti alẹ́ Ọjọ́rú, ó sì parí ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ń sún ti aago mẹ́ta òru yẹn di àárọ̀. Apá tó ń yára pa kòkòrò ibà nínú oògùn náà kì í pẹ́ lára, ìgbà tí kòkòrò ṣì pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ sì ni a nílò rẹ̀ jù. Òru ẹyọ kan ni. Ẹ fi aláàmù sí i, kí ẹnì kan nínú ilé bá ẹni tí ara rẹ̀ ò yá náà jí.

Bí ẹ bá jí i, kó jókòó dáadáa. Kò yẹ kí èèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ gbé oògùn mì ní ojú oorun, torí hóró lè há sí ọ̀nà ọ̀fun kó sì bó o. Ife omi kan, kó jókòó díẹ̀ kó tó padà sùn. Ti oògùn ibà yìí fẹ́ oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀ kó tó lè wọ ara dáadáa, nítorí náà ẹ ti gbé mílíìkì tàbí ẹ̀pà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìrọ̀lẹ́. Bó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, a ó tún odindi rẹ̀ lò, a ó sì padà wá gba àfikún nílé oògùn kó má bàa dín nígbẹ̀yìn.

Ti ọmọdé tún yàtọ̀. Ọmọ tó sùn láti aago mẹ́jọ alẹ́ kò rọrùn láti jí fún oògùn olómi kíkorò, tipátipá ni ó sì máa ń dà á nù. Kí ìyá tó máa bá a jà, kó bi dókítà bóyá irú àìsàn ọmọ náà gba ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Fún òtútù àyà ọmọdé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún amọ́síìlì, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe fún un. Ìyá kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ sọ mẹ́ta di méjì o.

Ibi tí wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ kò ti ní ọ̀nà rárá ni oṣù Rámádáànì. Láti ìgbà tí a bá ti dẹnu dúró ní ìdájí títí di ìgbà ìṣínu, ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá ní ìlú wa. Kò sí bí a ṣe lè pín in tí ti ọ̀sán kò ní bọ́ sínú ààwẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni pé àwọn ènìyàn á lo ọ̀kan ní sààrì, wọ́n á lo ọ̀kan ní ìṣínu, wọ́n á sì lo ọ̀kan kí wọ́n tó sùn, wọ́n á ní mẹ́ta ti pé. Wákàtí mẹ́tàlá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí ni wọ́n tún ń sọ di òfin. Àlùkùránì fún aláìsàn ní àyè láti jẹun kó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí ọyún wà lára rẹ̀ sì wà lára àwọn tí àyè náà wà fún. Bó bá wá jẹ́ pé àìsàn náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ gbààwẹ̀, kó sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó kọ ìwé oògùn. Àwọn àńtíbáyótíìkì kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, òmíràn tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá sì yẹ fún irú kòkòrò tó ń dà á láàmú, sààrì àti ìṣínu ti tó. Mo máa ń bá wọn kọ lẹ́tà kékeré kan padà sí dókítà náà, pé ààwẹ̀ ni oníbàárà mi yìí ń gbà, ṣé a lè yí i padà. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fèsì lọ́jọ́ náà gan-an.